Orí Kẹjọ: Ìpàdé Kan fún Ìlú Mẹ́rin

Ọ̀nà Àgbádárìgì tó gba iwájú Òkòkómáíkò kọjá kì í parí sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tó bá tẹ̀lé e títí yóò dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, yóò gba Kútọnu kọjá, yóò sì wọ Lómè. Èrò inú ọkọ̀ náà kò ní í fọwọ́ kan aago rẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, nítorí aago kan náà ni Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ilẹ̀ Tógò, ó ní láti dá aago rẹ̀ sẹ́yìn ní wákàtí kan. Nígbà tí aago bá lu méjì ọ̀sán ní Òkòkómáíkò, aago kan ló ń lù ní Lómè. Ìyàtọ̀ wákàtí kan péré yìí kò le, ènìyàn lè fi orí ṣírò rẹ̀. Èyí tí orí yìí dá lé lórí ni ìyàtọ̀ tó ń kọjá òkun, tó ń pọ̀ sí i tàbí dín kù láàárín ọdún kan náà, tó sì ń sọ Ọjọ́ Ajé ẹnì kan di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ẹlòmíràn.

Òwò àdúgbò yìí ló fún wa ní àpẹẹrẹ. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni Ọjà Àgbáyé Àlàbà wà, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n, fìríìjì, sípíkà àti oríṣiríṣi ohun èlò tó ń lo iná. Púpọ̀ nínú ọjà wọ̀nyí ló ń ti Ṣáínà wá, ìlú Gúáńṣóò sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ti ń rà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ilé iṣẹ́ kékeré kan wà ní Òkòkómáíkò tó ń bá àwọn ará Àlàbà kó ẹrù wọlé. Akọ̀wé rẹ̀ ń gbé níhìn-ín. Aṣojú rẹ̀ kan wà ní Gúáńṣóò tó ń yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó tì í sínú kọ̀nténà. Ẹni tó ń mójú tó ìwé ọkọ̀ òkun àti owó ìdójútòfò wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń ṣírò owó wà ní Húsítọ̀nù, ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe ìpàdé lórí fóònù, akọ̀wé ló sì ń dá àkókò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a ó kọ́ ní orí yìí.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti wá

Ayé ń yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Bí a bá pín òbìrí rẹ̀ sí ìwọ̀n 360, ìwọ̀n 15 ló ń kọjá níwájú oòrùn ní wákàtí kan, ìwọ̀n kan sì ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ní ọdún 1884, àwọn aṣojú ìjọba oríṣiríṣi pàdé ní Wáṣíńtìnì, wọ́n sì fẹnu kò pé ìlà tó gba Gíríníìṣì kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí gbogbo ayé máa kà bí ìwọ̀n òdo. Láti ibẹ̀ ni a ti ń ka ìyàtọ̀ aago lọ sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn.

Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta àti díẹ̀ sí ìlà oòrùn Gíríníìṣì. Bí a bá tẹ̀lé oòrùn nìkan, aago Èkó yóò fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣáájú ti Gíríníìṣì, aago bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì lò ní Èkó nígbà kan. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914, wọ́n sọ ọ́ di ààbọ̀ wákàtí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan gbáko, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní. Wákàtí kan yìí bá ìlà oòrùn Nàìjíríà mu ju Èkó lọ. Ní Màídúgùrì, oòrùn ṣáájú ti Gíríníìṣì pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 52. Ìdí nìyí tí oòrùn kì í fi í wà ní àtàrí wa ní Òkòkómáíkò nígbà tí aago bá lu méjìlá ọ̀sán. Tí a bá da gbogbo ọdún pọ̀, nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 46 ló ń débẹ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú níbí ni pé ìjọba ló ń pinnu aago, oòrùn kàn ń tọ́ka ọ̀nà fún un ni. Ṣáínà fẹ̀ láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn débi pé aago márùn-ún ìbá tọ́ sí i, síbẹ̀ aago kan ṣoṣo ni ìjọba rẹ̀ fàṣẹ sí. Nítorí náà, àwòrán ayé nìkan kò lè sọ aago ìlú kan fún wa. Òfin ìlú náà ni a ó wò.

Bí a ṣe ń ṣírò

Aago kan wà tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń wọn tiwọn. A ń pè é ní aago àgbáyé, UTC sì ni wọ́n máa ń kọ sójú kọ̀ǹpútà. Kì í yí padà ní ìgbà òtútù tàbí ìgbà ooru. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní UTC+1. Gúáńṣóò jẹ́ UTC+8. Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ UTC+0 ní ìgbà òtútù, ó sì ń di UTC+1 ní ìgbà ooru. Húsítọ̀nù jẹ́ UTC-6 ní ìgbà òtútù, ó sì ń di UTC-5 ní ìgbà ooru.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí kì í dani lójú rú: kí a kọ́kọ́ sọ aago ìlú tí a ti ń bọ̀ di aago àgbáyé, kí a tó sọ aago àgbáyé di ti ìlú tí à ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ fo láti ìlú kan sí èkejì tààrà, wọ́n á há ìyàtọ̀ méjì-méjì sórí. Ìlú mẹ́rin ní ìyàtọ̀ méjì-méjì mẹ́fà, méjì péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni kì í yí aago. Kò sí orí tó yẹ ká di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé. Ẹni tó bá ń gba ọ̀dọ̀ aago àgbáyé kọjá kò nílò ju nọ́ńbà kan lọ fún ìlú kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ìpàdé wà ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2026, ní aago méjì ọ̀sán ní Òkòkómáíkò. A kọ́kọ́ kọ aago náà lọ́nà oníwákàtí 24, ìyẹn 14:00, kí òwúrọ̀ àti alẹ́ má baà dàrú. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú, a yọ ọ́ kúrò, ó ku 13:00 ní aago àgbáyé. Ní Gúáńṣóò, a fi mẹ́jọ kún un, ó di 21:00, aago mẹ́sàn-án alẹ́ nìyẹn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà òtútù ṣì ni, a kò fi nǹkan kan kún un, 13:00 ló jẹ́. Ní Húsítọ̀nù, a yọ mẹ́fà, ó di 07:00, aago méje òwúrọ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí ìṣirò yóò kọjá òru. Ká ní ẹni Húsítọ̀nù ló dá àkókò, tó ní kí a pàdé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta. 18:00 nìyẹn. Húsítọ̀nù wà lẹ́yìn aago àgbáyé pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà, nítorí náà a fi mẹ́fà kún un, ó di 24. Mẹ́rìnlélógún kì í dúró bẹ́ẹ̀. A ó yọ 24 kúrò, yóò ku 00:00, a ó sì sún ọjọ́ síwájú: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta, ti bẹ̀rẹ̀ ní aago àgbáyé. Òkòkómáíkò wà ní aago kan òru Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Gúáńṣóò sì wà ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà. Bí èsì bá kéré sí òdo, ìdàkejì ni a ó ṣe: a ó fi 24 kún un, a ó sì dá ọjọ́ padà ní ọ̀kan. Kí orúkọ ọjọ́ àti déètì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ní gbogbo ìgbà tí a bá ń kọ ìṣirò wa. Ẹni tó bá kọ "aago kan" lásán sí Wásáàpù kò tíì sọ ìgbà ìpàdé fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìlú tó ń yí aago

Níbí ni ọ̀pọ̀ ìpàdé ti ń bàjẹ́, nítorí náà a ó fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Ìjọba Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan nígbà tí ooru bá ń bọ̀, wọ́n á sì dá a padà nígbà tí òtútù bá ń bọ̀. Nàìjíríà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Ṣáínà pẹ̀lú kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ á máa sọ pé wọ́n ti yí aago. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà kì í yí i ní ọjọ́ kan náà.

Ìlú Ọba àti àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù ń sún aago síwájú ní Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n sì ń dá a padà ní Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Láti ọdún 2007, Amẹ́ríkà ń sún tirẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, ó sì ń dá a padà ní Ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù Kọkànlá. Ní ọdún 2026, Amẹ́ríkà sún aago síwájú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, Ìlú Ọba sì sún tirẹ̀ ní ọjọ́ 29. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín wọn, ìyàtọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sí Húsítọ̀nù, tó máa ń jẹ́ wákàtí mẹ́fà, di márùn-ún. Ní ìparí ọdún náà, Ìlú Ọba ń dá tirẹ̀ padà ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn tí ìyàtọ̀ náà tún fi jẹ́ márùn-ún.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ìpàdé wa tó dúró sí aago méjì ọ̀sán ní Òkòkómáíkò ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọdún 2026:

| Déètì | Òkòkómáíkò | Gúáńṣóò | Lọ́ńdọ̀nù | Húsítọ̀nù |
|---|---|---|---|---|
| 3 oṣù Kẹta | 14:00 | 21:00 | 13:00 | 07:00 |
| 10 oṣù Kẹta | 14:00 | 21:00 | 13:00 | 08:00 |
| 31 oṣù Kẹta | 14:00 | 21:00 | 14:00 | 08:00 |
| 27 oṣù Kẹwàá | 14:00 | 21:00 | 13:00 | 08:00 |
| 3 oṣù Kọkànlá | 14:00 | 21:00 | 13:00 | 07:00 |

Òpó méjì àkọ́kọ́ kò mì rárá, nítorí pé Òkòkómáíkò ló ni ìpàdé náà, Gúáńṣóò kò sì ń yí aago. Èyí mú wa dé ibi ìpinnu kan tí akọ̀wé gbọ́dọ̀ ṣe kó tó fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni: ìlú wo ló ni aago ìpàdé? Ìlú tó bá ni ín, aago kan náà ni yóò máa rí jálẹ̀ ọdún, àwọn yòókù ni yóò máa sún. Ká ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Húsítọ̀nù ni wọ́n yàn. Ẹni Húsítọ̀nù kò ní í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ọ̀sán ni yóò jẹ́ ní Òkòkómáíkò ní ìgbà òtútù wọn, aago méjì sì ni ní ìgbà ooru, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gúáńṣóò yóò máa lọ láàárín aago mẹ́wàá àti mẹ́sàn-án alẹ́. Ènìyàn méjì tí ìjọba wọn kò yí aago yóò wá máa gbé ìyípadà Amẹ́ríkà.

Ní tèmi, ìlú tí kì í yí aago ló yẹ kó ni irú ìpàdé báyìí, Òkòkómáíkò ni mo sì máa yàn. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Húsítọ̀nù ti mọ́ra pẹ̀lú yíyí aago, ìjọba wọn àti ilé iṣẹ́ ìròyìn wọn yóò sì rán wọn létí. Kò sí ẹni tí yóò rán ọlọ́jà Àlàbà létí pé wọ́n yí aago ní Tẹ́sáàsì lánàá.

Lẹ́tà mẹ́ta tó ní ìtumọ̀ púpọ̀

Wọ́n máa ń fi lẹ́tà kúkúrú pe orúkọ aago: WAT fún tiwa, GMT, BST, EST. Ó dà bí ohun tó rọrùn, ó sì léwu. Ẹgbẹ́ wa fi èyí hàn kedere, nítorí lẹ́tà CST ni wọ́n ń lò fún aago Tẹ́sáàsì ní ìgbà òtútù, òun náà ni wọ́n sì ń lò fún aago Ṣáínà.

Ká ní ẹni Húsítọ̀nù kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé kí gbogbo wọn pàdé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2026, ní `8am CST`. Aṣojú ní Gúáńṣóò kà á bí aago Ṣáínà. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ní Ṣáínà jẹ́ 00:00 ní aago àgbáyé, aago kan òru ní Òkòkómáíkò. Akọ̀wé wa mọ̀ pé Tẹ́sáàsì ni òǹkọ̀wé ń sọ, ó sì wo ìwé pé CST jẹ́ UTC-6. Ó fi mẹ́fà kún mẹ́jọ, ó rí 14:00 ní aago àgbáyé, ó sì kọ aago mẹ́ta ọ̀sán sílẹ̀. Òun náà kò rí i mú. Amẹ́ríkà ti sún aago ní ọjọ́ kẹjọ, Húsítọ̀nù ti wà ní UTC-5, lẹ́tà tó bá a mu nígbà náà sì ni CDT. Ẹni tó kọ̀wé kò ronú sí lẹ́tà rárá, aago ara ògiri rẹ̀ ló ń wò: mẹ́jọ pẹ̀lú márùn-ún, 13:00 ní aago àgbáyé, aago méjì ọ̀sán ní Òkòkómáíkò. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Orúkọ ìlú ni ká máa kọ. "Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ní Húsítọ̀nù" kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ ní ọjọ́ kan. Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ń lo orúkọ ìlú. Àkójọ òfin aago gbogbo ayé kan wà tí Arthur David Olson bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí àjọ IANA ń gbé jáde báyìí, tó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀, Nàìjíríà ń jẹ́ `Africa/Lagos`. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá Àbújá tàbí Kánò níbẹ̀ kò ní í rí i. Kò sí Gúáńṣóò, `Asia/Shanghai` ló dúró fún aago tí ìjọba Ṣáínà fàṣẹ sí. Kò sí Húsítọ̀nù, `America/Chicago` la ó mú, nítorí òfin aago kan náà ni ìlú méjèèjì ń tẹ̀lé.

Ìdí tí orúkọ wọ̀nyí fi sàn ju nọ́ńbà lọ ni pé òfin wà lẹ́yìn orúkọ. Bí a bá kọ `UTC-6` fún Húsítọ̀nù sínú ìwé ìpè tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nọ́ńbà náà yóò dúró gbagidi ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, ìpàdé yóò sì ṣìnà. `America/Chicago` mọ ọjọ́ tí òun yóò sún. Àkójọ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìjọba lè yí òfin padà láìfúnni ní àkókò púpọ̀: Bràsíìlì fi yíyí aago sílẹ̀ ní ọdún 2019, Mẹ́síkò fi í sílẹ̀ ní apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2022. Fóònù tí kò gba àtúnṣe láti ìgbà náà ṣì lè máa sún aago ìlú tí kò sún mọ́.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ní Páítọ́ọ̀nù 3.9 tàbí èyí tó jù ú lọ lè fi ìlà díẹ̀ yìí yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n lórí Windows, kó kọ́kọ́ ṣe `pip install tzdata`:

```python
from datetime import datetime
from zoneinfo import ZoneInfo

ipade = datetime(2026, 3, 10, 14, 0, tzinfo=ZoneInfo("Africa/Lagos"))
for ilu in ["Asia/Shanghai", "Europe/London", "America/Chicago"]:
    print(ilu, ipade.astimezone(ZoneInfo(ilu)).strftime("%Y-%m-%d %H:%M"))
```

Yóò sọ 21:00, 13:00 àti 08:00, bó ṣe wà ní ìlà kejì tábìlì wa, déètì kan náà sì ni yóò wà níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yí déètì padà sí ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, kó sì wo èyí tó yí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wíwá wákàtí tí gbogbo wọn lè gbà

Títí di ìsinsìnyí, a ti gbà pé aago méjì ọ̀sán dára. Báwo la ṣe mọ̀? Ká ní kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ìpàdé kí aago méje òwúrọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ ní Gúáńṣóò, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Húsítọ̀nù sì gbà láti jí ní aago mẹ́fà. A ó sọ gbogbo rẹ̀ di aago Òkòkómáíkò, ní ìgbà òtútù.

Gúáńṣóò fi wákàtí méje ṣáájú wa, nítorí náà aago méje òwúrọ̀ wọn jẹ́ òru wa, 00:00, aago mẹ́wàá alẹ́ wọn sì jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán wa. Húsítọ̀nù wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú wákàtí méje, nítorí náà aago mẹ́fà òwúrọ̀ wọn jẹ́ aago kan ọ̀sán wa. Ẹni Húsítọ̀nù kò lè ṣáájú aago kan ọ̀sán wa, ẹni Gúáńṣóò kò lè kọjá aago mẹ́ta ọ̀sán wa. Lọ́ńdọ̀nù kò dí wa lọ́wọ́ rárá ní àárín ọ̀sán. Wákàtí méjì péré ló kù, láti aago kan sí mẹ́ta. Ní ìgbà ooru, Húsítọ̀nù ń sún mọ́ wa ní wákàtí kan, àyè náà sì di mẹ́ta, láti aago méjìlá sí mẹ́ta.

Òkòkómáíkò bọ́ sí àárín gan-an láàárín Gúáńṣóò àti Húsítọ̀nù ní ìgbà òtútù, méje síwájú, méje sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀sán wa fi gba gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àyè náà há, kò sì yẹ ká tún fi Ọjọ́ Ẹtì dí i. Àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ yóò wà ní mọ́ṣáláṣí fún Jímọ́ọ̀ ní nǹkan bí aago kan sí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, ìyẹn sì jẹ́ púpọ̀ nínú wákàtí méjì tí a ní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a mú kì í ṣe ìfẹ́ inú lásán.

Ẹgbẹ́ tó bá fi ẹlòmíràn kún un yóò tún ìṣirò yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn wọn yóò sì rí i pé kò sí àyè kankan tó kù. Nígbà náà, ìṣirò ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ó ku kí wọ́n pín ìyà òru láàárín ara wọn, kí ẹnì kan ṣoṣo má máa jí lóru ní gbogbo ìgbà.

Títóbi àṣìṣe ló ń sọ ibi tó ti wá

Bí ìpàdé bá ti bàjẹ́, akọ̀wé kò gbọ́dọ̀ fi dídá ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀. Kó bèèrè wákàtí mélòó ni ẹni tó ṣìnà fi ṣáájú tàbí fi pẹ́. Nọ́ńbà náà máa ń tọ́ka sí orísun.

Wákàtí kan jẹ́ ti yíyí aago. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí láàárín oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, ẹnì kan ń lo ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wákàtí 12 jẹ́ ti ẹni tó da òwúrọ̀ àti alẹ́ pọ̀. Wákàtí 24 jẹ́ ti ẹni tí ìṣirò rẹ̀ kọjá òru tí kò sún déètì. Wákàtí 13 tàbí 14 láàárín Húsítọ̀nù àti Gúáńṣóò jẹ́ ti CST: ìyàtọ̀ ìlú méjèèjì nìyẹn gan-an, 13 ní ìgbà ooru, 14 ní ìgbà òtútù. Bí àṣìṣe bá ní ààbọ̀ wákàtí nínú, ó ṣeé ṣe kí ìlú kan bí Índíà, tó jẹ́ UTC+5:30, ti wọ inú ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fiyè sí ààbọ̀ tó wà nídìí rẹ̀.

Àṣìṣe wákàtí kan tó bá ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo oṣù ní orísun mìíràn, inú fóònù rẹ̀ ló sì máa ń wà. Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ní oṣù Kejìlá rí i pé fóònù òun fi wákàtí kan kù sí aago Èkó. Dípò kó yí ìlú fóònù náà sí `Africa/Lagos`, ó fi ọwọ́ sún aago síwájú. Ojú fóònù wá tọ̀nà, ṣùgbọ́n fóònù náà ṣì gbà pé Lọ́ńdọ̀nù ni òun wà. Ìpè ìpàdé tó wọlé fún 13:00 ní aago àgbáyé yóò hàn lójú rẹ̀ bí 13:00, nígbà tí aago méjì ọ̀sán Èkó ni. Ẹni náà yóò dé ní wákàtí kan ṣáájú, yóò sì búra pé aago òun pé. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kó ṣí ibi ètò aago nínú fóònù, kó wo orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀, kó má wo nọ́ńbà ojú rẹ̀.

Èkejì rẹ̀ ni ti akọ̀wé tó ń rìnrìn àjò. Bó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kìíní, tó sì tẹ 14:00 sínú kàlẹ́ńdà fóònù rẹ̀ láìyan ìlú, fóònù yóò kọ ọ́ bí aago Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará ilé yóò sì rí aago mẹ́ta ọ̀sán. Kó yan ìlú tó ni ìpàdé nínú ìpè náà fúnra rẹ̀, ibikíbi tó bá wà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹgbẹ́ wa gba ẹnì kan sí Lómè tó ń bá wọn gba kọ̀nténà ní èbúté ibẹ̀. Tógò wà ní UTC+0 jálẹ̀ ọdún. Kọ aago ìpàdé fún un ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta àti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026. Ní èwo nínú ọjọ́ méjèèjì ni aago rẹ̀ àti ti Lọ́ńdọ̀nù jọ jẹ́ ọ̀kan náà?

2. Ìpè kan láti Húsítọ̀nù kà pé: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá ọdún 2026, aago mẹ́jọ alẹ́ ní Húsítọ̀nù. Gba ọ̀dọ̀ aago àgbáyé kọjá, kí o sì kọ ọjọ́, déètì àti aago fún Òkòkómáíkò àti Gúáńṣóò.

3. Oníbàárà kan ní Mẹ́líbọ́ọ̀nù, ní Ọsirélíà, fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ìpàdé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìgbà ooru ibẹ̀ bọ́ sí ìgbà òtútù Lọ́ńdọ̀nù: UTC+11 ni ní oṣù Kìíní, UTC+10 ní oṣù Keje. Wá aago rẹ̀ ní oṣù méjèèjì. Lẹ́yìn náà, lo àwọn àlà tí a fún Gúáńṣóò àti Húsítọ̀nù lókè, fi aago méje òwúrọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́ kún un fún Mẹ́líbọ́ọ̀nù, kí o sì sọ bóyá àyè kan ṣì kù tó bá gbogbo wọn mu ní oṣù Kìíní.